Pọ́ọ́kú, kò wọ́n, apá á ká a: èwo ni kí n fi sínú ìpolówó báàgì ilé-ìwé?

Akọ̀wé_Yábà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ àtúnkọ ìpolówó kan wà lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá mi dúró. Oníbàárà mi ń ta báàgì ilé-ìwé ní ọjà Tẹ̀júoṣó, wọ́n sì fẹ́ kí ìpolówó jáde káwọn ọmọ tó wọlé lóṣù Kẹsàn-án. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ èyí tó wà nílẹ̀. Nínú ìlà mẹ́rin péré, ṣíìpù wà níbẹ̀, afọ́dábù wà níbẹ̀, inẹsipẹ́nsíìfù náà wà níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ di Yorùbá, ohun tó jáde rèé:

"Báàgì ilé-ìwé pọ́ọ́kú dé o! Owó wa ò wọ́n rárá. Báàgì tó wọ́pọ̀, tí owó rẹ̀ dín, tí kì í tètè ya. Ẹ wá ra báàgì pọ́ọ́kú fún àwọn ọmọ yín."

Mo mọ̀ pé kò dáa, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tó ti wọ́. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù kà á, wọ́n ní ó dà bíi pé àwọn ń lé ọjà tó ti bàjẹ́ kúrò nílẹ̀. Báàgì kékeré jẹ́ ₦9,000, ńlá jẹ́ ₦15,000. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ wo ló yẹ kí n fi rọ́pò ọ̀rọ̀ wo?

Ìyá_Tóbi_Súrùlérè

₦15,000 fún báàgì ọmọdé, ìyẹn kì í ṣe pọ́ọ́kú o. Ẹ ní kí oníbàárà yín lọ sí Ìdúmọ̀tà láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n kó o ní dọ́sìnnì. Tí wọ́n bá kó méjìlá lẹ́ẹ̀kan, owó rẹ̀ á wálẹ̀, wọn ò ní nílò ìpolówó kankan.

Akọ̀wé_Yábà

Ẹ ṣé mà. Owó ti wà nílẹ̀ mà, wọn ò ní yí i padà. Ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ owó náà ni mò ń wá. Àwọn fúnra wọn sì ni wọ́n ń rán báàgì wọn, ní Muṣin.

Ọmọ_Muṣin

Bọ̀dá, ẹ̀ ń da ara yín láàmú lásán. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ kọ pọ́ọ́kú síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Ará Èkó tó ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú dánfó ní Ojúẹlẹ́gbà ò ráyè ka "owó tó mọ níwọ̀n". Tó bá gbọ́ pọ́ọ́kú, á yíjú wò yín. Ẹ lọ wo àwọn tó ń ta dátà, ṣé kì í ṣe "dátà pọ́ọ́kú" ni wọ́n ń kọ? Ṣé ẹnì kankan ní dátà wọn ti bàjẹ́?

Alàgbà_Èbúté_Mẹ́tà

Ọmọ Muṣin, dúró ná, màá padà sórí dátà yẹn torí ọ̀rọ̀ gidi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Akọ̀wé, jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àwọn ohun tó ti di àṣìtumọ̀ kúrò, ká tó máa yan ọ̀rọ̀.

Ọjà ló ń wọ́n. Owó ọjà kì í wọ́n. Ó lè ga, ó lè lé sí i, ó lè wálẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ pé owó wọ́n, ohun tó ń wí ni pé owó ò sí nígboro. Nítorí náà "owó wa ò wọ́n rárá" ń sọ fún ayé pé owó kún ọwọ́ ìyá oníbáàgì. Ìyẹn ti kúrò ní ìpolówó, ó ti di fáàrí. "Owó rẹ̀ dín" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ka owó tán tó rí i pé kò pé ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń le. "Tó wọ́pọ̀" ní tirẹ̀ ń sọ pé ibi gbogbo ni báàgì náà wà. Kí ló wá fẹ́ gbé èèyàn láti Ṣómólú wá sí Tẹ̀júoṣó?

Mo mọ ibi tó o gbà dé "wọ́pọ̀". Ọ̀pọ̀ lò ń wá. Òun gan-an ni òdìkejì ọ̀wọ́n lẹ́nu àwọn àgbà: ẹnì kan ra ẹran lọ́pọ̀, ẹnì kejì rà á lọ́wọ̀n-ọ́n. Ọ̀rọ̀ tó péye ni, ṣùgbọ́n etí Èkó ti òde òní ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kọ "ẹ wá ra báàgì lọ́pọ̀" sórí pósítà, ẹni tí kò tí ì pé ogójì ọdún á rò pé o ní kóun ra báàgì púpọ̀. Tó o bá wá yọ àmì ohùn kúrò bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe lórí fóònù, ó parí. Fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀ nínú ìpolówó, bó tilẹ̀ dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí Gẹ̀ẹ́sì lò. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ohun tó sì yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ẹrù rẹ̀ lé lórí. Ṣíìpù gbé tirẹ̀ lé ọjà. Bó ṣe ń sọ pé owó rẹ̀ kéré, ló ń fi ojú sọ pé ọjà náà fúnra rẹ̀ lè kéré níyì. Afọ́dábù gbé tirẹ̀ lé ẹni tó ń rà: ó ní apá rẹ á ká a. Kò sọ pé owó náà kéré, ó sọ pé kò kọjá agbára rẹ. Inẹsipẹ́nsíìfù gbé tirẹ̀ lé owó nìkan, ó kàn ń sẹ́ ọ̀wọ́n ni. Ó ní kò wọ́n, ó dákẹ́.

Ọ̀nà tí mo fi ń dán ọ̀rọ̀ wò ni pé mo máa ń wá òdìkejì rẹ̀. Báàgì pọ́ọ́kú, kí ni òdìkejì rẹ̀ lọ́kàn ẹni tó kà á? Àwọn kan á ní báàgì ọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ á ní báàgì ojúlówó, a jẹ́ pé wọ́n ti gbọ́ yẹpẹrẹ nínú pọ́ọ́kú tó o kọ nìyẹn, o ò sì mọ̀. Owó pọ́ọ́kú ńkọ́? Òdìkejì rẹ̀ ni owó gọbọi. Ojúlówó ò yọjú níbẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ibi tó o gbé e sí ló yàtọ̀. Má fi pọ́ọ́kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì. Fi lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó.

Ìjọba náà mọ èyí. Ilé olówó pọ́ọ́kú ni gbogbo wa ń pe àwọn ilé tí Làtífù Jákàńdè kọ́ nígbà tó jẹ gómìnà Èkó láàárín 1979 sí 1983. Kò sẹ́ni tó pè é ní ilé pọ́ọ́kú. "Olówó" tó wà láàárín yẹn ló gba ilé náà sílẹ̀ lọ́wọ́ èébú.

Ọmọ_Muṣin

Alàgbà, mo gbọ́ ti "olówó" yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ò tí ì dá mi lóhùn lórí dátà. "Dátà olówó pọ́ọ́kú" ò sí níbì kankan.

Alàgbà_Èbúté_Mẹ́tà

Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ nìyí. Gígábáìtì kan, gígábáìtì kan náà ni, ì báà jẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti rà á tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lódìkejì títì. Kò sí ibi tí yẹpẹrẹ máa sá pamọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpò símẹ́ǹtì tí orúkọ ilé iṣẹ́ wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni owó ọkọ̀ láti Yábà dé Ọ̀ṣòdì. Níbi tí ọjà bá ti jẹ́ ọ̀kan náà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń tà á, pọ́ọ́kú ò lè ba nǹkan kan jẹ́, ó sì ń tà ju gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù lọ. Níbẹ̀, òótọ́ lo sọ pátápátá.

Báàgì ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń rà á ò lè rí òwú tí wọ́n fi rán ọ̀já èjìká rẹ̀ títí ọ̀já yẹn á fi já lọ́sẹ̀ kẹta. Ohun tí ojú ò bá rí, owó lèèyàn fi ń díwọ̀n rẹ̀. "Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á" ló máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ìyá ọmọ. Bàtà, fóònù, ìpara, ọ̀dà ilé, gbogbo ohun tí inú rẹ̀ bá ṣókùnkùn sí ẹni tó ń rà á, bó ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀dọ̀_Àkọkà

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un nípa ti Gẹ̀ẹ́sì, torí oníbàárà náà lè fẹ́ kí ìpolówó Gẹ̀ẹ́sì wà pẹ̀lú.

Ṣíìpù kò bẹ̀rẹ̀ bí èébú. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó túmọ̀ sí ọjà àti ìṣòwò ló ti wá. Ojú pópó kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Cheapside títí dòní, ibi tí wọ́n ti ń nájà láyé àtijọ́ ni. Ohun tí wọ́n ń sọ nígbà náà ni pé ẹnì kan rí ọjà rere rà. Nígbà tó yá, wọ́n gé "rere" yẹn kúrò, ó ku ọ̀rọ̀ náà nìkan, yẹpẹrẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀. Inẹsipẹ́nsíìfù ní tirẹ̀ ti inú ọ̀rọ̀ Látìnì wá, láti ara wíwọn owó lórí òṣùwọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń san án.

Àṣìṣe tí mo sábà máa ń rí nínú Gẹ̀ẹ́sì àwọn olùpolówó wa jọ ti owó tó wọ́n tí Alàgbà sọ. Wọ́n á kọ pé owó àwọn jẹ́ ṣíìpù tàbí inẹsipẹ́nsíìfù. Ẹni tó bá kọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa máa ń yẹra fún un, torí ọjà ni ṣíìpù, owó máa ń kéré tàbí kó ga. Afọ́dábù nìkan ló bá ọjà rìn, tó tún bá owó rìn, láìsí wàhálà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń sá sábẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó ń wá nǹkan lórí gúgù náà kì í sábà tẹ inẹsipẹ́nsíìfù. Ṣíìpù ni wọ́n ń tẹ̀, torí ẹni tó ń wá nǹkan kì í tijú ẹ̀rọ. Nítorí náà ẹ lè fi ṣíìpù sí ibi tí ẹ̀rọ á ti rí i, irú bí àpèjúwe ọjà nísàlẹ̀ ojú ewé, kí ẹ má fi ṣe àkọlé. Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ohun tó fẹ́ rà ní ṣíìpù lè máa bínú tí ẹni tó ń tà á bá pè é bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀_Dára_Ìkòròdú

Ẹ ṣé o. Ilẹ̀ lèmi ń tà ní tèmi. Gbogbo ìpolówó ilẹ̀ ní Èkó ló ní afọ́dábù nínú báyìí, títí dórí ilé tó ń lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù náírà ní Lẹ́kkí. Àwọn èèyàn ti ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Mo ti wá sọ ọ́ di "owó tó bójú mu". Ṣé ó dáa?

Alàgbà_Èbúté_Mẹ́tà

Ó dáa tó bá jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò jọ afọ́dábù. Owó tó bójú mu ń sọ pé iye tí ilẹ̀ náà tó lẹ gbé lé e, pé ẹ ò rẹ́ni jẹ. Ó lè jẹ́ ogún mílíọ̀nù, kó sì bójú mu, síbẹ̀ kí apá èmi má ká a. Ẹni tó bá ka ìpolówó yín á bi yín pé kí ló mú un bójú mu, ẹ gbọ́dọ̀ lè dá a lóhùn: eélòó ni wọ́n ń ta ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìwé wo ló wà lórí rẹ̀.

Ohun tó pa afọ́dábù lórí ilẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó sọ ti ta ni. Ọ̀rọ̀ tó bá gbé ẹrù lé ẹni tó ń rà lórí gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni náà. Apá ta ló ká a? Apá olùkọ́? Apá oníṣòwò tó ń dá àjọ? Tí ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ kọ iye tí wọ́n á máa san lóṣù kan síbẹ̀.

Akọ̀wé_Yábà

Alàgbà, ọ̀rọ̀ yín yé mi. Mo ti padà lọ bi ìyá oníbáàgì léèrè. Àwọn ohun tí wọ́n sọ nìyí. Báàgì ńlá jẹ́ ₦16,500 títí di oṣù Keje nígbà tí ilé-ìwé parí, wọ́n ti wá gbé e wá sí ₦15,000. Kékeré ò yí padà. Wọ́n ń gba kí èèyàn san owó ńlá lẹ́ẹ̀mẹta, ₦5,000, ₦5,000, ₦5,000, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà tí owó bá pé ni wọ́n á tó gbé báàgì fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń rán ojú ibi tí ọ̀já èjìká ti pàdé báàgì. Tí ọ̀já bá já kí sáà kìíní tó parí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n á tún un rán.

Mo fẹ́ kọ "Ẹ̀dínwó ńlá lórí gbogbo báàgì! Ẹ gbé e lọ, ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀." Ṣé ó ti dáa?

Alàgbà_Èbúté_Mẹ́tà

Kò tí ì dáa, ibi méjì ló ti máa kó ìyá oníyá sí wàhálà.

Ẹ̀dínwó yàtọ̀ sí gbogbo ọ̀rọ̀ tá a ti ń yẹ̀ wò. Pọ́ọ́kú àti kò wọ́n jẹ́ èrò ẹni tó ń tà, ẹnì kan lè bá a jiyàn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dínwó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: iye kan wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti tà á ní iye yẹn, wọ́n ti wá gé e. Báàgì ńlá nìkan ni wọ́n gé lówó, ₦1,500 ni wọ́n sì gé kúrò. "Gbogbo báàgì" ti di irọ́ nìyẹn. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, ò fàyè gba kí èèyàn fi ọ̀rọ̀ ìpolówó ṣi oníbàárà lọ́nà. Kọ iye méjèèjì síbẹ̀, ₦16,500 àti ₦15,000, kí wọ́n fojú ara wọn rí ẹ̀dínwó náà. "Ńlá" tó o so mọ́ ọn yẹn, yọ ọ́. ₦1,500 ò ní di kékeré torí o ò pè é ní ńlá, ṣùgbọ́n ó lè dà bíi kékeré tó o bá pè é bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni "ẹ gbé e lọ". Àwìn nìyẹn. Ẹni tó gba àwìn gbé ọjà lọ kó tó sanwó. Ohun tí ìyá oníbáàgì ń ṣe ni pé owó á pé kó tó kan báàgì. Tó o bá kọ ọ́ bí o ṣe kọ ọ́ yìí, ìyá ọmọ kan á mú ₦5,000 wá ní ọjọ́ tí ilé-ìwé ku ọ̀la, á ní kí wọ́n gbé báàgì fóun, ariwo á sọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Afọ́dábù tó wà nínú ọjà yìí, òun gan-an ni sísan lẹ́ẹ̀mẹta. Nítorí náà má kọ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí afọ́dábù, kọ bí wọ́n ṣe ń san án.

Ìdí tí owó fi kéré tún wà níbẹ̀, ìwọ lo sì sọ ọ́ fúnra rẹ nígbà tò ń dá Ìyá Tóbi lóhùn, o ò kà á sí: àwọn fúnra wọn ló ń rán an ní Muṣin. Ìyẹn ló máa lé yẹpẹrẹ lọ. Tí owó bá kéré láìsí ìdí, olùrà á fi ìdí tirẹ̀ sí i, ìdí yẹn kì í sì í dáa. Tó o bá sọ ìdí, pọ́ọ́kú ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Tèmi rèé fún pósítà:

"Báàgì ilé-ìwé tí a rán ní Muṣin níbí, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi jẹ́ pọ́ọ́kú. Ẹ̀ẹ̀mejì la rán ojú ọ̀já èjìká. Tó bá já kí sáà kìíní tó parí, a ó tún un rán lọ́fẹ̀ẹ́. Kékeré ₦9,000. Ńlá ₦15,000, ₦16,500 la ń tà á títí di oṣù Keje. Ẹ lè san owó ńlá lẹ́ẹ̀mẹta, ₦5,000 lẹ́ẹ̀kan. Bí owó bá ti pé, ẹ gbé báàgì yín."

Ẹ wò ó: pọ́ọ́kú ẹyọ kan péré ló wà níbẹ̀, ara owó ló sì wà. Tìrẹ ní méjì, ara báàgì ni méjèèjì wà.

Ọmọ_Muṣin

Ó dùn, ṣùgbọ́n ó ti gùn jù fún Wọ́sáàpù. Sítétọ́ọ̀sì ni àwọn èèyàn ń wò báyìí.

Ọ̀dọ̀_Àkọkà

Fún Wọ́sáàpù, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ èèyàn á tún un tẹ̀ láìsí àmì ohùn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ síwájú. Ẹ fi ojú ìyẹn wò ó kí ẹ tó yan ọ̀rọ̀. "Owó pọ́ọ́kú" láìsí àmì, `owo pooku`, kò sẹ́ni tí kò ní kà á. "Apá á ká a" á di `apa a ka a`, ẹni tó ń kà á á dúró, á tún un kà, á sì fò ó. "Kò ní ni yín lára" di `ko ni ni yin lara`, ó burú jù bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn létí lórí rédíò lè kú lórí fóònù.

Ti Gẹ̀ẹ́sì náà ní tirẹ̀: ẹni tó bá kọ ṣíìpù àti síìpù báàgì sínú ìlà kan láìfi àmì sábẹ́ ti fi ọ̀kan pa èkejì nìyẹn.

Alàgbà_Èbúté_Mẹ́tà

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Lórí rédíò ẹ̀wẹ̀, "kò wọ́n" ni kí o ṣọ́ra fún. Ẹni tí kò fetí sílẹ̀ dáadáa, tí ohùn jẹnẹrétọ̀ ń dí létí, "wọ́n" nìkan ló máa gbọ́. Tó o bá tún fi "báàgì wọn ò wọ́n" sí i, atọ́kùn fúnra rẹ̀ á kọsẹ̀ níbẹ̀. Kí ó sọ iye owó, kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó sọ pé owó pọ́ọ́kú ni. Fún Wọ́sáàpù, gé e báyìí:

"Báàgì ilé-ìwé, Muṣin la ti rán an. Kékeré ₦9,000, ńlá ₦15,000. Ọ̀já já? A ó tún un rán lọ́fẹ̀ẹ́, sáà kìíní. Tẹ̀júoṣó, Yábà."

Pọ́ọ́kú ò sí níbẹ̀ rárá. Tí iye owó bá wà lójú, ẹni tó mọ ọjà á fẹnu ara rẹ̀ pè é ní pọ́ọ́kú.

Ọmọ_Muṣin

Èyí ni mi ò gbà. Iye owó nìkan ò ní dá ẹnikẹ́ni dúró. Ìyá Tóbi ti rí ₦15,000 lókè lọ́hùn-ún, wọ́n ní kì í ṣe pọ́ọ́kú! Ẹni tí kò mọ iye tí báàgì ń lọ lọ́jà, ọ̀rọ̀ ló máa sọ fún un pé owó yẹn kéré. Ẹ fi "owó pọ́ọ́kú" sí i níwájú, ọ̀rọ̀ méjì ni.

Alàgbà_Èbúté_Mẹ́tà

O rí mi mú níbẹ̀. Fún ẹni tí kò mọ iye ọjà, o jàre. Fún ìyá ọmọ mẹ́ta tó ti ra báàgì lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà lè mú un bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn tí kò ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Kí Akọ̀wé gbé méjèèjì jáde lọ́sẹ̀ kan, ọ̀kan pẹ̀lú pọ́ọ́kú, ọ̀kan láìsí i, kí nọ́ńbà fóònù tó wà lórí wọn yàtọ̀ síra, kó wá ka èyí tí wọ́n pè jù.

Akọ̀wé_Yábà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀kan ló ṣì kù. Inẹsipẹ́nsíìfù, kí ni kí n pè é? Ìyá oníbáàgì ní kí ìtumọ̀ rẹ̀ má sọnù, torí wọ́n fẹ́ kó wà nínú ìwé tí wọ́n á kọ sí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé aládàáni ní Ìkẹjà.

Ọ̀dọ̀_Àkọkà

Nínú ìwé sí ọ̀gá ilé-ìwé, "owó tó mọ níwọ̀n" ni mo máa lò. Ó tutù, kò pariwo, kò sì tàbùkù ọjà.

Alàgbà_Èbúté_Mẹ́tà

Owó tó mọ níwọ̀n ń sọ pé ó ní ààlà, pé kò kọjá ibi tó yẹ. Inẹsipẹ́nsíìfù ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi á fi "kò wọ́n" sílẹ̀ bó ṣe wà: "báàgì náà kò wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹpẹrẹ." Nínú ìwé, ojú ló ń kà á, kò sí ohùn jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀_Àkọkà

Alàgbà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tí ẹ bá ti dárúkọ yẹpẹrẹ, kódà kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ, ẹ ti gbé e sọ́kàn ọ̀gá ilé-ìwé nìyẹn. Kò sí nínú ìwé ìyá oníbáàgì tẹ́lẹ̀.

Alàgbà_Èbúté_Mẹ́tà

Hmm. Yọ yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n mi ò yẹ̀ lórí "kò wọ́n".

Ìyá_Tóbi_Súrùlérè

Akọ̀wé, ṣé ẹ̀yin ò sọ lákọ̀ọ́kọ́ pé àwọn fúnra wọn ló ń rán an, pé wọ́n á tún un rán lọ́fẹ̀ẹ́? Ti ọmọ mi já ní sáà tó kọjá. Kékeré ₦9,000 yẹn, ṣé ó gba ìwé ọmọ praimárì kẹta, tàbí ńlá ni kí n kúkú rà?